Lẹ́tà Tó Ń Bá Ìwé Ìpè Rìn

Ìwé ìpè láti ìlú ọba kì í gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wọ Ìlọrin mọ́. Orí Wátsáàpù ló ń gbà. Ọmọ tó wà lọ́hùn-ún á tẹ̀ ẹ́ jáde, á fọwọ́ sí i, á gbé e sórí tábìlì, á ya fọ́tò rẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀ lé e kì í gùn: "Ẹ bá mi kọ tiyín mọ́ ọn." Tiyín yẹn ni lẹ́tà ìtìlẹ́yìn, èyí tí mọ̀lẹ́bí tó wà nílé máa kọ láti fi ti ìwé ẹni tó fẹ́ rìnrìn-àjò lẹ́yìn. Òun ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti ń rí i tí ìwé tó yẹ kó dára ń bàjẹ́ mọ́ àwọn èèyàn rere lọ́wọ́, àwọn tí kò ní irọ́ kankan nínú.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wúwo ni pé, ẹni tó bá fẹ́ lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Bìrìtéènì kì í sábà jókòó níwájú òṣìṣẹ́ físà. Yóò kún fọ́ọ̀mù lórí gov.uk, yóò san owó rẹ̀, èyí tó di £127 ní oṣù kẹrin ọdún 2025, yóò gbéra ní Ìlọrin lọ sí Èkó tàbí Àbújá láti lọ tẹ̀ka kí wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀, yóò sì padà sílé. Ẹni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní rí ojú rẹ̀, kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìwé ló máa kà. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀: ojúkojú ni wọ́n ti ń bi èèyàn ní ìbéèrè níbẹ̀, ìjọba wọn sì sọ ọ́ kedere pé kò pọn dandan kí ẹni tó fẹ́ gba físà àbẹ̀wò mú ìwé ìpè wá. Ti Kánádà tún yàtọ̀, torí wọ́n to gbogbo ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìpè lẹ́sẹẹsẹ, títí dé iye èèyàn tó ń gbé inú ilé ẹni tó pè. Ti Bìrìtéènì ni mo fẹ́ dúró lé, torí òun ni ìwé máa ń dá sọ̀rọ̀ jù lọ.

Òfin wọn fún àwọn àlejò, tí wọ́n ń pè ní Àfikún V, kò béèrè lẹ́tà dídùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí òṣìṣẹ́ náà ń wá ni pé ṣé ẹni yìí máa padà sílé tí àkókò bá pé, ṣé ìdí tó sọ pé òun ń bọ̀ jẹ́ òótọ́, ṣé owó wà tó máa gbọ́ bùkátà rẹ̀, ṣé kò ní ṣe iṣẹ́ tí òfin kà léèwọ̀ fún àlejò. Ẹlòmíràn lè bá a gbé bùkátà náà, bí ìbátan tó wà láàárín wọn bá jẹ́ òótọ́, bí ẹni náà kò bá rú òfin ìwọ̀lú Bìrìtéènì, tó sì hàn pé agbára rẹ̀ ká a àti pé yóò ṣe é lóòótọ́. Lẹ́tà ìtìlẹ́yìn kò wúlò àyàfi tó bá ràn án lọ́wọ́ láti dáhùn ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí pẹ̀lú ohun tí kò sí nínú ìwé ìpè.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Mo to o jọ láti inú àwọn nǹkan tí mo sábà máa ń rí; kì í ṣe ìtàn ìdílé kan ṣoṣo. Ìyá kan wà ní Pàkátà, ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún, aṣọ òkè ló ń tà ní Ọjà Ọba. Ọmọ rẹ̀ obìnrin jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Líìdìsì, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ kejì. Àkọ́bí ìyá yìí, ọkùnrin, jẹ́ tíṣà ilé-ìwé girama, Tánkẹ́ ló ń gbé. Òun ni wọ́n fi fọ́tò ìwé ìpè náà ránṣẹ́ sí. Alẹ́ ni wọ́n ya fọ́tò ọ̀hún, iná ń dán lójú bébà, ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá sì ti gé kúrò.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí tíṣà yìí da ohun tó wà nínú fọ́tò náà kọ sórí bébà, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, láìtún un ṣe. Níbi tí kò bá ti ríran, kó fi àmì ìbéèrè sí i. Kò gbọdọ̀ méfò. Ó jọ iṣẹ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n ojú wa máa ń ka ohun tó ń retí láti rí, kì í ṣe ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ wo kóòdù àdírẹ́ẹ̀sì ilé ìwòsàn tí nọ́ọ̀sì náà ti ń ṣiṣẹ́, Sẹ́ńtì Jéémíìsì. Nínú fọ́tò, ó hàn bíi LS9 7IF. Ẹni tó bá mọ bí kóòdù àwọn ará Bìrìtéènì ṣe ń rí máa mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ohun kan kù síbẹ̀. Ẹyọ mẹ́ta tó kẹ́yìn kóòdù wọn, nọ́ńbà kan ló máa ń ṣíwájú, ábídí méjì á sì tẹ̀ lé e, wọn kì í sì í fi C, I, K, M, O tàbí V sínú ábídí méjì yẹn rárá. Nítorí náà kò lè jẹ́ I. Èyí fi hàn pé fọ́tò ṣìnà, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Fóònù ló máa sọ ìyẹn.

"Kí ló tẹ̀ lé méje yẹn?"

"T ni, ẹ̀gbọ́n mi. T bíi Tóyìn. F ló wá tẹ̀ lé e, F bíi Fọláṣadé."

LS9 7TF. Wọ́n ka a láti ẹnu, kò sì sí ẹni tó tún wo fọ́tò náà mọ́.

Nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù náà ní àbùdá tirẹ̀. Ti Nàìjíríà tó wà lóde báyìí, ábídí kan ṣoṣo ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, A tàbí B, nọ́ńbà mẹ́jọ ló sì tẹ̀ lé e. Ohun tó bá rí bíi O láàárín nọ́ńbà mẹ́jọ yẹn, òdo ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí tíṣà yìí fi ń ka nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù ìyá rẹ̀ láti inú fọ́tò tó ti Líìdìsì wá? Pásípọ́ọ̀tù náà wà nínú àpótí ìyá ní Pàkátà. Àbúrò rẹ̀ gan-an, inú fọ́tò mìíràn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ló ti dà á kọ, ó sì lè ti ṣì í kọ níbẹ̀. Ìlànà tí mo dìrọ̀ mọ́ kò ju èyí lọ: ohunkóhun tí ojúlówó rẹ̀ bá wà ní Ìlọrin, ojúlówó ni ká kà. Ẹnu ohun tó wà ní Líìdìsì nìkan ni ọ̀rọ̀ fọ́tò mọ. Bí ìwé ìpè bá yàtọ̀ sí pásípọ́ọ̀tù, ẹ má fi lẹ́tà ìtìlẹ́yìn bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó kọ ìwé ìpè kó tún un kọ, kó sì tún un fọwọ́ sí.

Ibi tí ewu wà gan-an nìyí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀. Ìgbà míì, ẹni tó ń báni tẹ ìwé á wo fọ́tò tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa, á ní, "Ẹ fi sílẹ̀, màá tún un tẹ̀ kó dán." Á tún ìwé ìpè náà tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, á gé àmì ìfọwọ́sí ọmọ yẹn láti inú fọ́tò, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀. Lójú rẹ̀, oore ló ṣe. Lójú òfin Bìrìtéènì, ìwé tí ẹni tó ni orúkọ rẹ̀ kò fọwọ́ sí lè di ayédèrú. Òfin wọn fàyè gbà á kí wọ́n kọ ìbéèrè fún físà tí ayédèrú ìwé bá wà nínú rẹ̀, yálà ẹni tó ń béèrè mọ̀ nípa rẹ̀ tàbí kò mọ̀. Bí wọ́n bá sì gbà pé ó mọ̀ọ́mọ̀ tan wọ́n jẹ ni, wọ́n lè máa kọ ìbéèrè rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá gbáko. Ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni mo ń sọ. Ọdún mẹ́wàá yẹn ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi máa dàgbà.

Ojúlówó ìwé náà kò sì jìnnà. Kí ọmọ tó wà ní Líìdìsì gbé bébà náà sójú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kó fi ohun èlò tó ń sọ bébà di PDF lórí fóònù gbà á, kó rí i pé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn, kó sì fi ránṣẹ́ lórí Wátsáàpù gẹ́gẹ́ bíi `Document`, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò. Wátsáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè tètè lọ, ìfúnpọ̀ yẹn ló ń sọ 8 di 3. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí `Document`. Lẹ́yìn náà, PDF yẹn ni wọ́n máa gbé sókè pẹ̀lú fọ́ọ̀mù, fọ́tò alẹ́ àná á sì kúrò nínú ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló kàn, níbi yìí ni Ìlọrin sì ti ní ìṣòro tirẹ̀. Nínú ìwé ìpè, ọmọ kọ "màmá mi, Àlhájà Ìyábọ̀", ó wá fi orúkọ ọkọ tirẹ̀ buwọ́ lu ìsàlẹ̀. Nínú pásípọ́ọ̀tù, orúkọ Mùsùlùmí ìyá ló ṣíwájú, orúkọ bàbá tó bí i lọ́mọ ló sì fi ṣe orúkọ ìdílé. Tíṣà ní tirẹ̀ ń jẹ́ orúkọ àbísọ bàbá wọn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ará Ìlọrin ṣe ń ṣe. Ìyá, ọmọkùnrin, ọmọbìnrin: orúkọ ìdílé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí ẹni tí èyí yà lẹ́nu ní Pàkátà. Òṣìṣẹ́ tó ń ka ìwé lókè òkun ló máa bi ara rẹ̀ pé ta ló bí ta. Ẹ tún fi ti bí a ṣe ń kọ orúkọ Lárúbáwá kún un: Rafiat níbì kan, Rofiat níbòmíràn, Rafatu nínú ìwé ẹ̀rí ìbí àtijọ́.

Àwọn kan máa ń gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ ṣe é, wọ́n á kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé "ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà pé ẹnì kan náà ni". Kò tó. Ìwé ló ń ti ìwé lẹ́yìn. Ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọbìnrin náà ni orúkọ ìyá rẹ̀ wà lára rẹ̀; bó bá ti sọ nù, Àjọ Ètò Ìkànìyàn ló ń fún àgbàlagbà ní ìwé tó jẹ́rìí sí ìbí rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí yìgì rẹ̀ ló máa ṣàlàyé bó ṣe dé ibi orúkọ ọkọ. Tí Ìyábọ̀ kò bá sì sí nínú pásípọ́ọ̀tù ìyá rárá, tó jẹ́ pé òun ló wà nínú ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ, ìyá máa lọ búra ní ilé-ẹjọ́ pé òun ni wọ́n ń pe orúkọ méjèèjì. Iṣẹ́ lẹ́tà ìtìlẹ́yìn ni láti to ìwé mẹ́ta yìí tẹ̀ léra wọn nínú gbólóhùn méjì péré, kí ẹni tó ń kà á lè mọ èyí tó máa kọ́kọ́ ṣí. "Àlhájà" ní tirẹ̀, oyè ni. Kó má wọ ibi tí wọ́n ti ní ká kọ orúkọ, àyàfi tó bá wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Mo ti rí i nínú pásípọ́ọ̀tù rí o.

Lẹ́yìn orúkọ, tíṣà yìí rí gbólóhùn kan nínú ìwé ìpè tó yẹ kó dá a dúró ju gbogbo yòókù lọ. Àbúrò rẹ̀ kọ ọ́ pé ìyá ń bọ̀ fún oṣù mẹ́fà láti wá tọ́jú ọmọ, kí òun lè tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. Létí wa, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọmọ bímọ, ìyá lọ bá a wẹ ọmọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìlànà tí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé Bìrìtéènì kọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì gbà á láyè pé kí mọ̀lẹ́bí wá báni tọ́jú ọmọ. Ohun tó fi kún un ni pé ìbẹ̀wò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìgbà díẹ̀, kò sì gbọdọ̀ di pé wọ́n gba mọ̀lẹ́bí náà síṣẹ́ olùtọ́jú ọmọ. Ẹ wá ka gbólóhùn àbúrò yẹn pẹ̀lú ojú ẹni tó ní ìlànà yìí níwájú. Oṣù mẹ́fà ni gbogbo ìgbà tí òfin gbà kí irú àlejò bẹ́ẹ̀ lò. "Kí n lè padà sẹ́nu iṣẹ́" sì túmọ̀ sí pé ìyá ló máa dúró sípò ẹni tí wọn ì bá san owó fún. Nǹkan méjì tí ìlànà kọ̀ ló kó sínú ìlà kan.

Kí ni kí wọ́n ṣe? Ọ̀pọ̀ á ní ká wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó fẹ́lẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè òótọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Nínú àpẹẹrẹ wa, òótọ́ rẹ̀ ni pé ó ṣì wà nínú ìsinmi ìbímọ, èyí tí òfin ibẹ̀ gbà kó tó ọ̀sẹ̀ 52, kò sì tíì fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ lásìkò tí ìyá máa wà níbẹ̀. "Oṣù mẹ́fà" tó kọ, torí ó gbọ́ pé iye tí wọ́n ń fúnni nìyẹn ló ṣe kọ ọ́. Ìyá fúnra rẹ̀ kò lè fi ìsọ̀ sílẹ̀ ju oṣù méjì lọ. Nítorí náà ohun tí wọ́n máa tún kọ ni pé ó ń bọ̀ wá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ tuntun, kó sì wà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nígbà tó wà nínú ìsinmi ìbímọ. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́, ó sì bá fọ́ọ̀mù mu. Ká ní òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọmọ fẹ́ kí ìyá máa tọ́jú ọmọ lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́fà torí owó ilé ìtọ́jú ọmọ wọ́n, kò sí lẹ́tà tó lè tún ìyẹn ṣe. Ètò náà ni kí wọ́n yí padà.

Ọjọ́ tí ìyá máa lọ àti ọjọ́ tó máa bọ̀, kí wọ́n fi orúkọ oṣù kọ ọ́ nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ìwé ìpè, lẹ́tà ìtìlẹ́yìn àti fọ́ọ̀mù. 03/04 lè jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣètò ní ọ̀nà Amẹ́ríkà.

Owó wá kù. Ìwé ìpè ní "èmi ni màá gbé gbogbo ìnáwó". Tíṣà náà sì ti sọ fún ìyá pé òun ló máa ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Fọ́ọ̀mù wá ní ìyá fúnra rẹ̀ ló ń san án. Ìfẹ́ ló bí èyí, gbogbo wọn fẹ́ gbé ẹrù kan náà, ṣùgbọ́n lórí ìwé, ẹni mẹ́ta ń ta ko ara wọn. Kí wọ́n pín in ní kedere: kí tíṣà gbé tíkẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ ní Líìdìsì gbé ilé àti oúnjẹ, kí ìyá mú owó àpò rẹ̀. Kí oníkálukú sì mú ìwé owó oṣù àti ìwé báńkì tirẹ̀ wá fún apá tó gbé. Kò pọn dandan kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Ìtọ́sọ́nà tó wà lórí gov.uk ka ìwé tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ìwé ẹ̀rí ilé ìtura, àti ìwé iná àti omi ẹni tó pè mọ́ àwọn ohun tí kò yẹ kí wọ́n kó wá.

Ìwé báńkì ìyá ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Owó obìnrin ọjà kì í jókòó sí báńkì. Ó wà nínú àjọ, ó wà nínú aṣọ tó wà ní ìsọ̀, ó wà lọ́wọ́ oníbàárà tó rà á láwìn. Nítorí náà, bí ìrìn-àjò ṣe ń sún mọ́lé, ìyá kó àjọ rẹ̀, ó lọ gbé e sí báńkì lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọmọ sì dáwó lé e "kó lè pọ̀ lójú wọn". Ohun tí òṣìṣẹ́ físà rí ni àkáǹtì tó gbẹ fún oṣù márùn-ún tó wá kún lójijì lóṣù kẹfà. Ó lè rò pé owó tí wọ́n yá láti fi ṣe ojú ayé ni, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé tó fi kọ físà náà pé òun kò mọ orísun rẹ̀. Kí àwọn ọmọ má fi owó kankan lé e. Owó àjọ ní tirẹ̀, ìdáhùn wà fún un: káàdì àjọ tí wọ́n ti ń sàmì sí lójoojúmọ́, pẹ̀lú ìwé kúkúrú láti ọwọ́ alájọ tó ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó wà lókè òkun lè má mọ ohun tó ń jẹ́ àjọ. Ẹni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún un ni ọmọ ìyá náà tó wà ní Ìlọrin. Irú àlàyé yìí gan-an ni lẹ́tà ìtìlẹ́yìn wà fún, kò sì lè ti inú fọ́tò kankan wá.

Tí gbogbo èyí bá ti tò, kíkọ lẹ́tà náà kò le mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi kọ ọ́, kò sì yẹ kó kọjá ojú ewé kan. Bí mo bá sọ ohun tó wà nínú ti tíṣà náà ní èdè wa, ó máa lọ báyìí:

"Èmi ni àkọ́bí ìyá wa. Tíṣà ni mí ní Ìlọrin, lẹ́tà ilé-ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà pẹ̀lú èyí. Àbúrò mi obìnrin ló pe ìyá wa sí Líìdìsì. Orúkọ ìdílé wa kò bára mu, ìwé kejì sí ìkẹrin tí a so mọ́ ọn ló ṣàlàyé bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni màá san owó bàálù lọ àti bọ̀, mo ti fi ìwé báńkì mi sí i. Ìyá wa ní ìsọ̀ aṣọ òkè ní Ọjà Ọba. Ìwé owó ìsọ̀ tó ń san wà níbí. Owó tó wọ àkáǹtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà jẹ́ àjọ tó ti ń dá látọdún tó kọjá. Káàdì rẹ̀ wà níbí. Ilé wa ní Pàkátà ló ń gbé pẹ̀lú ìyá tó bí i, ẹni tó ti dàgbà gan-an. Nígbà tó bá wà lọ́hùn-ún, èmi àti ìyàwó mi la máa wá máa tọ́jú màmá àgbà, títí ìyá wa fi máa padà dé."

Ẹ kíyè sí i pé kò bẹ ẹnikẹ́ni. Kò yin Bìrìtéènì, kò ṣèlérí pé "mo fi ẹ̀mí mi dúró pé yóò padà". Ìlérí bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nínú àwọn lẹ́tà tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ pé orúkọ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀ nínú wọn, kò sì sí bí òṣìṣẹ́ náà ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá àgbà tó wà nílé tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wẹ̀ fún láràárọ̀, ó wúwo ju ìbúra mẹ́wàá lọ, torí ó fi ohun tó ń fà á padà sílé hàn. Tíṣà náà kò sì sọ ohunkóhun nípa yàrá tí ìyá máa sùn sí ní Líìdìsì. Kò tíì dé ibẹ̀ rí. Àbúrò rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n, ìwé ìpè ló sì yẹ kó sọ ọ́. Ẹni tó bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ inú fọ́tò sọ ti di ẹlẹ́rìí ohun tí kò rí.

Bákan náà ni ti ìwé ìgbélùú àbúrò. Ó fi fọ́tò káàdì ìgbélùú rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé ìpè, káàdì náà sì ní òun parí ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2024. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé àṣẹ ìgbélùú rẹ̀ ti tán nìyẹn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọgbọ́n dá sí i nínú lẹ́tà. Ọ̀pọ̀ káàdì ni wọ́n fi ọjọ́ yẹn parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àṣẹ tí ẹni tó ni ín gbà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìjọba Bìrìtéènì fẹ́ kó ohun gbogbo lọ sórí intánẹ́ẹ̀tì. Orí gov.uk ni àbúrò ti máa wọ àkáǹtì tirẹ̀, kó mú ẹ̀rí àṣẹ rẹ̀ tó wà níbẹ̀ báyìí jáde, kó sì fi í rọ́pò fọ́tò káàdì yẹn.

Ọ̀pọ̀ ìyá kò ka Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìyá bá máa kọ lẹ́tà tirẹ̀ pẹ̀lú, ó lè sọ ọ́ ní Yorùbá kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, kó fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ̀ka sí i. Ohun tí àwọn ará Bìrìtéènì béèrè ni kí ìtumọ̀ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì bá a rìn, kí ẹni tó tú u kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun tú u bó ṣe rí gan-an, kó kọ ọjọ́, kó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, kó fọwọ́ sí i, kó sì fi bí wọ́n ṣe lè kàn sí òun síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bá a kọ tààrà, òfin Nàìjíríà tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé, èyí tó ti wà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, sọ pé ẹni tó bá a kọ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì ara rẹ̀ sórí ìwé náà. Òfin náà ka ìyẹn sí ẹ̀rí pé ohun tí ìyá sọ ló kọ, àti pé ó kà á sí i létí, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Ìlà kan ṣoṣo ló gbà. Mo máa ń fẹ́ kí wọ́n ka fọ́ọ̀mù orí kọ̀ǹpútà náà fún ìyá bẹ́ẹ̀, torí orúkọ rẹ̀ ni ẹ̀sùn ẹ̀tàn máa já lé bí ohun kan nínú rẹ̀ bá jẹ́ irọ́. Wọ́n sì lè pè é lórí fóònù. Ìyá tó bá sọ lórí fóònù pé oṣù mẹ́fà lòun ń lọ, nígbà tí ìwé mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kò purọ́. Kò sẹ́ni tó ka ìwé náà sí i létí ni.

Tí wọ́n bá wá kọ̀ ọ́ ńkọ́? Nígbà kan, ẹni tó fẹ́ lọ kí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2013, wọ́n ti gba ẹ̀tọ́ yẹn kúrò, àyàfi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn bá wọ̀ ọ́. Ohun tó kù fún ọ̀pọ̀ ni kí wọ́n tún béèrè, kí wọ́n sì tún owó san. Ìwé tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ máa ń sọ ìdí rẹ̀. Àwọn ìdí yẹn ni kí lẹ́tà tuntun dáhùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwé tuntun. Àwọn ìwé àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ físà, nítorí náà bí ohun kan bá yí padà, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹni tó ń san owó bàálù tó yàtọ̀, kí lẹ́tà náà sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ó yí padà, kó sì sọ ìdí. Fọ́ọ̀mù náà máa béèrè bóyá wọ́n ti kọ físà fún ìyá rí. Bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn rẹ̀, pẹ̀lú oṣù àti ọdún tó ṣẹlẹ̀.